Kí Ni Ẹ Kọ Síwájú Orúkọ Ẹnì Kan? Bí A Ṣe Ń Yan Tí-Tẹ́ẹ̀sì Tàbí Káì-Síkúwéà

Ẹ jẹ́ ká mú irú pírójẹ́ẹ̀tì kan tí akẹ́kọ̀ọ́ ìlera ní Àbújá lè gbé dání. Akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ilé ìtọ́jú aláboyún kan ní Gwagwaláda, ó rí ọgọ́fà (120) obìnrin, ó sì pín wọn sí ọ̀wọ́ méjì: 60 tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́, 60 tó ń fò ó. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń lò ó dáadáa sàn ju ti àwọn tó ń fò ó. Ìwé láàbù wà lọ́wọ́ rẹ̀, PCV kálukú, ìyẹn ìdá tí sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú ẹ̀jẹ̀, sì wà nínú rẹ̀. Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, súpáfáísọ̀ ní kó lọ "ṣe tẹ́ẹ̀sì". Èwo nínú wọn, tí-tẹ́ẹ̀sì ni àbí káì-síkúwéà? A fẹ́ rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn nọ́ńbà tí a óò lò, fún ẹ̀kọ́ la ṣe ṣe wọ́n. Wọn kì í ṣe èsì ìwádìí ilé ìtọ́jú kankan.

## Ẹ bo gbogbo ìlà, ẹ fi ẹyọ kan sílẹ̀

Kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì kankan, ẹ ṣí fáìlì yín, ẹ fi bébà bo gbogbo ìlà tó wà níbẹ̀ kó ku ti obìnrin kan ṣoṣo. Kí ni ẹ kọ síwájú rẹ̀ lábẹ́ ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀?

Bí ó bá jẹ́ 31 ni ẹ kọ, tí ìyẹn sì ń sọ ìdá tí sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, nọ́ńbà ni èsì yín. Irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ṣeé rò pọ̀, ó ṣeé pín, ó sì ṣeé yọ kúrò lára ara wọn. Ẹni tó ní 34 fi mẹ́ta ju ẹni tó ní 31 lọ, mẹ́ta yẹn sì ní ìtumọ̀. Tí-tẹ́ẹ̀sì ló ni ín, nítorí iṣẹ́ tí-tẹ́ẹ̀sì kò ju pé kó fi àròpín ọ̀wọ́ kan wé àròpín ọ̀wọ́ kejì. Ohun tí a ń pè ní àròpín ni pé kí a ro nọ́ńbà gbogbo ènìyàn inú ọ̀wọ́ pọ̀, kí a pín in sí iye wọn.

Bí ó bá jẹ́ "ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó" tàbí "ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó" ni ẹ kọ, ìsọ̀rí ni èsì yín. Kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ ro "tó" pọ̀ mọ́ "kò tó" kí ẹ pín in sí méjì. Gbogbo ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ ka orí: mélòó ló bọ́ síbí, mélòó ló bọ́ sọ́hùn-ún. Orí tí a kà yìí ni káì-síkúwéà ń jẹ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé òpó tí kò yẹ ni wọ́n ń wò. Wọ́n á ní, "Ọ̀wọ́ méjì ni mo ní, lílo oògùn àti fífò ó, ìsọ̀rí nìyẹn, káì-síkúwéà ni." Rárá. Nínú tẹ́ẹ̀sì méjèèjì, ìsọ̀rí ni ọ̀wọ́ máa ń jẹ́. Ọ̀wọ́ kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Èsì, ìyẹn ohun tí ẹ lọ wọ̀n tàbí tí ẹ lọ kà lára àwọn ènìyàn náà, òun ló ń pinnu. Nítorí náà, ẹ kọ gbólóhùn yìí sórí bébà kí ẹ tó jókòó: "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ____ yàtọ̀ láàárín àwọn tó ń lo oògùn àti àwọn tó ń fò ó." Ohun tó bá wọ àlàfo yẹn ni kí ẹ yẹ̀ wò.

## Àmì % kì í dáhùn ìbéèrè náà

PCV fúnra rẹ̀ máa ń wá láti láàbù pẹ̀lú àmì ìdá ọgọ́rùn-ún: 31%. Ẹlòmíràn á rí àmì yẹn, á sì rántí pé wọ́n ní "pásẹ́ńtì, káì-síkúwéà ni", á sì sáré lọ síbẹ̀. Àṣìṣe ńlá ni. Ìdá ọgọ́rùn-ún oríṣi méjì ló wà. Èkíní wà lára ẹnì kọ̀ọ̀kan: obìnrin yìí ní 31%, èyí tó tẹ̀ lé e ní 36%. Nọ́ńbà ni. Èkejì kò sí lára ẹnikẹ́ni, ìgbà tí a ka orí tán ló tó jáde: "ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn obìnrin yìí ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó." Kò sí obìnrin kankan nínú wọn tó ní "33% àìtó ẹ̀jẹ̀". Kálukú wọn, yálà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó tàbí kò tó. Ìsọ̀rí ni. Bébà tí ẹ fi bo ìlà yẹn ló máa yọ yín: bí pásẹ́ńtì náà bá ṣì wà níwájú ẹnì kan ṣoṣo, tí-tẹ́ẹ̀sì, bí ó bá pòórá tó ku bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́, káì-síkúwéà.

Ẹ̀tàn kejì ni kóòdù. Ní Àbújá, akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ èdè tí aláboyún ń sọ nílé sílẹ̀, nítorí ó lè jẹ́ Háúsá ló máa fi bi í léèrè ọ̀rọ̀ oògùn. Ó wá fi 1 dúró fún Háúsá, 2 fún Yorùbá, 3 fún Gbàgyí. Kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé orúkọ ni àwọn nǹkan wọ̀nyí. Bí ẹ bá ní kó fún yín ní àròpín Háúsá kan àti Gbàgyí kan, á ní 2, ìyẹn ni pé Háúsá àti Gbàgyí parapọ̀ di Yorùbá! Bí àròpín bá ti lè sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí, ẹ mọ̀ pé ìsọ̀rí lẹ ní, bó tilẹ̀ wọ aṣọ nọ́ńbà. Nọ́ńbà fóònù, nọ́ńbà wọ́ọ̀dù àti irú ẹ̀jẹ̀ tí a fi 1 dé 4 kọ, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.

## Ìṣirò èkíní: PCV gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ wa kọ PCV sílẹ̀ bó ṣe wá láti láàbù. Àwọn 60 tó ń lo oògùn lójoojúmọ́ ní àròpín 34.1, ìfọ́nká wọn sì jẹ́ 3.2. Àwọn 60 tó ń fò ó ní àròpín 32.3, ìfọ́nká 3.8. Ìfọ́nká ni bí nọ́ńbà ṣe tú káàkiri àròpín tó. `SD` tàbí `Std. Deviation` ni ẹ óò rí lójú kọ̀ǹpútà.

Ìyàtọ̀ àròpín méjèèjì jẹ́ 1.8. Ìbéèrè ni pé ṣé 1.8 pọ̀, àbí irú èyí tó lè ṣèèṣì jáde ni, bí ẹ bá kàn mú 120 obìnrin pín sí méjì láìwo ọ̀rọ̀ oògùn? A ní láti fi í wé ìwọ̀n mìmì tí àròpín ń mì fúnra rẹ̀. Báyìí la ṣe ń rí ìwọ̀n yẹn: ẹ sọ ìfọ́nká kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara rẹ̀, ẹ pín in sí iye ènìyàn inú ọ̀wọ́ rẹ̀, ẹ ro méjèèjì pọ̀, kí ẹ wá wá gbòǹgbò rẹ̀.

```
3.2 × 3.2 = 10.24    10.24 ÷ 60 = 0.171
3.8 × 3.8 = 14.44    14.44 ÷ 60 = 0.241
√(0.171 + 0.241) ≈ 0.64
t = 1.8 ÷ 0.64 ≈ 2.81
```

Ìyàtọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ìwọ̀n mìmì rẹ̀. Kọ̀ǹpútà á sọ pé p = 0.006. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí kò bá sí ìyàtọ̀ kankan láàárín irú àwọn obìnrin méjì yìí ní tòótọ́, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà nínú ẹgbẹ̀rún la fi lè ṣèèṣì rí ìyàtọ̀ tó tó báyìí tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tún máa fún wa ní ààlà 95%, láti 0.5 dé 3.1. Lójú tiwa, ààlà yìí wúlò fún nọ́ọ̀sì ju p lọ, nítorí ó ń sọ fún un pé ìyàtọ̀ náà lè kéré bí ìdajì PCV kan, ó sì lè tó mẹ́ta.

## Ìṣirò kejì: àwọn obìnrin kan náà, ṣùgbọ́n orí la kà

Ká wá ní súpáfáísọ̀ ní, "Àìtó ẹ̀jẹ̀ ni mo fẹ́ rí." Akẹ́kọ̀ọ́ mú PCV 33 gẹ́gẹ́ bí ààlà, èyí tó bá hẹmoglobíìnì gíráàmù 11 nínú dẹsílítà mu tí a bá fi ìlọ́po mẹ́ta ṣírò ó. Ẹni tó bá wà lábẹ́ 33, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Ó ka orí, àtẹ tó rí nìyí:

| | Ẹ̀jẹ̀ kò tó | Ẹ̀jẹ̀ tó | Àpapọ̀ |
|---|---|---|---|
| Ń lo oògùn lójoojúmọ́ | 20 | 40 | 60 |
| Ń fò ó | 31 | 29 | 60 |
| Àpapọ̀ | 51 | 69 | 120 |

Káì-síkúwéà bi ara rẹ̀ pé: bí lílo oògùn kò bá ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú àìtó ẹ̀jẹ̀, mélòó ni ì bá wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan? Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó jẹ́ 51 nínú 120. Bí ọ̀wọ́ méjèèjì bá rí bákan náà, 51 × 60 ÷ 120 ló yẹ kó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 25.5. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn tó yóò jẹ́ 34.5. Iye tí à bá retí nìyẹn. Kò burú bí kò bá jẹ́ odidi. A kò ní ká gé obìnrin sí méjì, ìṣirò lásán ni.

Ẹ wá wo bí àpótí kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí iye tí à bá retí. 20 fi 5.5 dín sí 25.5, 31 sì fi 5.5 jù ú. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní apá kejì. Ẹ sọ 5.5 di ìlọ́po ara rẹ̀, ẹ pín in sí iye tí à bá retí nínú àpótí náà, kí ẹ ro mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀:

```
5.5 × 5.5 = 30.25
30.25 ÷ 25.5 = 1.186   (àpótí méjì)
30.25 ÷ 34.5 = 0.877   (àpótí méjì)
χ² = 2 × 1.186 + 2 × 0.877 ≈ 4.13
```

Fún àtẹ oníméjì-sí-méjì, bí káì-síkúwéà bá ti kọjá 3.84, p rẹ̀ ti wọ abẹ́ 0.05, ibi tí ọ̀pọ̀ olùwádìí ti máa ń gbà pé ìyàtọ̀ wà. Tiwa jẹ́ 4.13, p sì jẹ́ 0.042.

## Kí ló dé tí 0.006 fi di 0.042?

Obìnrin kan náà ni, ẹ̀jẹ̀ kan náà, láàbù kan náà. Ohun tó yí padà ni pé a da nǹkan nù. Nígbà tí a sọ PCV di "tó" àti "kò tó", obìnrin tó ní 32 àti èyí tó ní 24 di ọ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ a mọ̀ pé ọ̀kan ń rìn lọ sọ́jà, èkejì lè nílò kí wọ́n dá a dúró. Èyí tó ní 32 àti èyí tó ní 33 wá di ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nígbà tó jẹ́ pé bí ẹni tó ń ka ọ̀pá láàbù ṣe fojú wò ó lè mú ìyàtọ̀ yẹn wá. Tẹ́ẹ̀sì tó rí nǹkan díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń rọ̀.

Ìṣòro kejì ni ibi tí a gbé ààlà sí. Ọ̀pọ̀ dókítà ní Nàìjíríà máa ń lo PCV 30 fún aláboyún, kì í ṣe 33. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà, nínú ìtọ́sọ́nà tí wọ́n gbé jáde ní 2024, mú hẹmoglobíìnì 10.5 fún oṣù mẹ́ta àárín inú oyún, wọ́n sì fi 11 sílẹ̀ fún ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí. Bí ẹ bá tún gbé iṣẹ́ náà lọ sí Jọ́ọ̀sì, tó ga ju mítà 1,100 lọ sí ojú òkun, ẹ ní láti tún ààlà ṣe, torí ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń gbé lókè máa ń pọ̀ ju ti àwọn tó wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ wa lo 30, tó wá rí 5 nínú 60 àti 12 nínú 60: káì-síkúwéà di 3.36, p di 0.067. Ọ̀rọ̀ ti yí padà, bẹ́ẹ̀ kò sí obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Tí-tẹ́ẹ̀sì kò mira ní tirẹ̀.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ kọ nọ́ńbà sílẹ̀ nígbà gbogbo tí nọ́ńbà bá wà. Ẹ lè sọ nọ́ńbà di ìsọ̀rí nígbàkígbà. Ẹ kò lè sọ "kò tó" padà di 27. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi béèrè "ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó? bẹ́ẹ̀ ni / bẹ́ẹ̀ kọ́" ti sé ọ̀nà mọ́ yín láti ọjọ́ kìíní. Bí ìpinnu ilé ìtọ́jú bá dúró lórí ààlà, bí i ta ni a óò dá dúró, ta ni yóò máa lọ sílé, ó tọ́ kí ẹ ṣe káì-síkúwéà. Ṣùgbọ́n ẹ mú ààlà yín kí ẹ tó rí èsì, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àbá ìwádìí, ẹ má sì gbé e kiri títí p á fi wù yín.

## Lójú kọ̀ǹpútà

Nínú `SPSS`, tí-tẹ́ẹ̀sì wà ní `Analyze > Compare Means > Independent-Samples T Test`. Ẹ gbé PCV sí `Test Variable(s)`, ẹ gbé ọ̀wọ́ sí `Grouping Variable`, kí ẹ tẹ `Define Groups` kí ẹ kọ 1 àti 2. Ìlà méjì ni yóò jáde. A máa ń ka ti ìsàlẹ̀, `Equal variances not assumed`. Kì í béèrè pé kí ìfọ́nká ọ̀wọ́ méjèèjì dọ́gba, kò sì ní ìpalára kankan bí wọ́n bá tilẹ̀ dọ́gba. Òun ni `R` ń ṣe láìjẹ́ pé ẹ sọ fún un:

```r
t.test(pcv ~ owo, data = d)
```

Ní `Excel`, ẹ kọ `=T.TEST(B2:B61,C2:C61,2,3)`. 3 tó kẹ́yìn yẹn ló ń sọ pé ọ̀wọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, kò sì pọn dandan kí ìfọ́nká wọn dọ́gba. Bí ẹ bá ṣèèṣì kọ 1, á so obìnrin kìíní ọ̀wọ́ kan mọ́ obìnrin kìíní ọ̀wọ́ kejì bí ẹni pé ìbejì ni wọ́n.

Káì-síkúwéà ní `SPSS` wà ní `Analyze > Descriptive Statistics > Crosstabs`. Ọ̀wọ́ lọ sí `Row(s)`, èsì lọ sí `Column(s)`. Ẹ tẹ `Statistics`, ẹ mú `Chi-square`. Ẹ tẹ `Cells`, ẹ mú `Expected` àti `Row`. Bí àtẹ tí a ti kà tán nìkan lẹ ní, ìyẹn àwọn nọ́ńbà mẹ́rin yẹn, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ sí `Data > Weight Cases` kí ẹ gbé òpó iye síbẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé, àpapọ̀ rẹ̀ máa jẹ́ 4 dípò 120. Ní `R`:

```r
m <- matrix(c(20, 31, 40, 29), nrow = 2)
chisq.test(m, correct = FALSE)
chisq.test(m)$expected
```

`correct = FALSE` yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí ẹ kò bá kọ ọ́, fún àtẹ oníméjì-sí-méjì `R` máa ń fi àtúnṣe tí Yates dá lábàá ní 1934 kún un, káì-síkúwéà wa á sì bọ́ sí 3.41, p á di 0.065. `SPSS` máa ń kọ méjèèjì, `Pearson Chi-Square` lókè, `Continuity Correction` lábẹ́ rẹ̀. Èyí ló ń fa ìjà nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ méjì lo fáìlì kan náà, tí ọ̀kan ní "ó wà", èkejì ní "kò sí". Bí iye tí à bá retí bá pọ̀ bí tiwa, àtúnṣe yẹn máa ń le jù. Ti Pearson la ń lò. Èyí tó wù kí ẹ lò, ẹ sọ orúkọ rẹ̀.

## Ohun tó ń bàjẹ́, àti bí ẹ ṣe lè mọ̀

Èyí tó burú jù ni kí a fi pásẹ́ńtì sínú àtẹ káì-síkúwéà dípò orí. Ká ní ẹ kọ 33 àti 67, 52 àti 48. Tẹ́ẹ̀sì á gbà pé ọgọ́rùn-ún obìnrin lẹ rí nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, á sì fún yín ní 7.39 dípò 4.13, pẹ̀lú p tó sún mọ́ 0.007. Ẹ ti fi 80 obìnrin tí kò sí níbì kankan kún iṣẹ́ yín. Àyẹ̀wò rẹ̀ rọrùn: àpapọ̀ igun ìsàlẹ̀ àtẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ iye ènìyàn tí ẹ rí. Àyẹ̀wò yìí kan náà ló máa fi hàn bí obìnrin kan bá wá sí ilé ìtọ́jú lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí wọ́n sì kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Orí kan, àpótí kan, ẹ̀ẹ̀kan.

Bí ẹ bá gbé PCV gan-an sínú `Crosstabs`, àtẹ á gùn bí ojú ọ̀nà Lokoja: òpó kan fún 24, òmíràn fún 25, títí dé 42. Ọ̀rọ̀ kékeré á wà nísàlẹ̀ tó ń sọ pé ọ̀pọ̀ àpótí `have expected count less than 5`. Kọ̀ǹpútà ń sọ fún yín pé ẹ fi nọ́ńbà síbi tí ìsọ̀rí yẹ kó wà.

Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn tún lè jáde nígbà tí ẹ ṣe ohun tó tọ́ ṣùgbọ́n tí ènìyàn kò pọ̀. Ẹ wo 12 obìnrin nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, 2 àti 6 tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó. Iye tí à bá retí jẹ́ 8 × 12 ÷ 24, ìyẹn 4. Kò tó 5, nítorí náà ẹ fi káì-síkúwéà sílẹ̀, kí ẹ ka ìlà `Fisher's Exact Test` tí `SPSS` ti kọ sábẹ́ rẹ̀, tàbí kí ẹ lo `fisher.test(m)`. Iye tí à bá retí ni a ń wò o, kì í ṣe iye tí a rí. Àpótí tó ní 2 lè máà ní wàhálà rárá bí èyí tí à bá retí níbẹ̀ bá jẹ́ 7.

Ní ti tí-tẹ́ẹ̀sì, ohun tó ń dà á láàmú ni nọ́ńbà tó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. PCV kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá béèrè iye owó ọkọ̀ tí aláboyún ná dé ilé ìtọ́jú, ọ̀pọ̀ á ná díẹ̀, ẹni méjì á gba táksí láti Nyanya, àròpín gbogbo wọn á sì fò sókè. Àmì rẹ̀ ni pé ìfọ́nká tó àròpín tàbí ó jù ú lọ, nígbà tí kò sí ẹni tó lè ná ohun tó kéré sí òdo. Bí ọ̀wọ́ yín bá kéré, ẹ lo `wilcox.test` ní `R` tàbí `Mann-Whitney U` ní `SPSS`. Bí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan bá tó 60 bí tiwa, fífì díẹ̀ kì í da tí-tẹ́ẹ̀sì nù.

Ó tún ku ìgbà tí obìnrin kan náà bá fara hàn nínú ọ̀wọ́ méjèèjì, bí i PCV rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 16 àti ní ọ̀sẹ̀ 28. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀wọ́ méjì, ènìyàn kan lẹ́ẹ̀mejì ni. Fún nọ́ńbà, `Paired-Samples T Test`. Fún tó àti kò tó, `McNemar`. Bí ọ̀wọ́ bá sì di mẹ́ta, ká ní àwọn tó ń lo oògùn lójoojúmọ́, àwọn tó ń fò ó, àti àwọn tí kò gbà á rárá, káì-síkúwéà ṣì lè ṣe é, àtẹ rẹ̀ kàn máa ní ìlà mẹ́ta. Tí-tẹ́ẹ̀sì kò lè ṣe é mọ́. `One-Way ANOVA` ló kàn. Ẹ má ṣe tí-tẹ́ẹ̀sì lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní méjìméjì láìṣàtúnṣe p, nítorí bí ẹ bá ṣe ń ju òkò léraléra, bẹ́ẹ̀ ni èso kan á ṣe jábọ́ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀ ọ́n jù.

## Bí ẹ ṣe máa kọ ọ́

Fún nọ́ńbà: "Àròpín PCV àwọn tó ń lo oògùn lójoojúmọ́ jẹ́ 34.1 (SD 3.2), ti àwọn tó ń fò ó jẹ́ 32.3 (SD 3.8). Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 1.8, ààlà 95% láti 0.5 dé 3.1, t = 2.81, df = 114.7, p = 0.006." Ẹ má jẹ́ kí `df` tó ní ẹ̀là yẹn bà yín lẹ́rù, ìlà ìsàlẹ̀ ló máa ń fúnni bẹ́ẹ̀. Bí tiyín bá jẹ́ 118 gééré, ìlà òkè lẹ kà.

Fún ìsọ̀rí: "Nínú 60 tó ń lo oògùn lójoojúmọ́, 20 (33.3%) ni ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó, nínú 60 tó ń fò ó, 31 (51.7%). χ² = 4.13, df = 1, p = 0.042, láìsí àtúnṣe Yates." Orí ni kó ṣáájú, pásẹ́ńtì kó tẹ̀ lé e, kí ẹni tó ń kà á lè tún àtẹ yín tò fúnra rẹ̀.

Ẹ má kọ pé oògùn ló mú ẹ̀jẹ̀ wọn pọ̀. Ẹni tó ń fò oògùn lè jẹ́ ẹni tí oúnjẹ kò tó nílé rẹ̀ pẹ̀lú, kò sì sí èyí tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀ nínú tẹ́ẹ̀sì méjèèjì. Bí `SPSS` bá sì kọ `.000` síwájú p, ẹ kọ ọ́ sí p < 0.001, kò dé òdo, ibi tí ẹ̀là mẹ́ta mọ ni.